Lẹ́tà sí ọ̀gá mi pé kí n máa tètè jáde níbi iṣẹ́ ṣáájú ìdánwò Áíkàn: ẹ bá mi wò ó

Ọmọ_Ọbáńtokò (Ajé, 8:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀dà níbí ní Abẹ́òkúta. Èmi àti ọmọbìnrin kan tó jẹ́ igbákejì mi nìkan la wà nínú ọ́fíìsì yẹn. Ìwé méjì ló kù fún mi ní ìpele tó kẹ́yìn Áíkàn, ìdánwò àwọn oníṣirò owó: Kọ́pọ́réètì Ripọ́tìn àti Kéèsì Sítọ́dì. Ní Méè, 46 ni mo gbà nínú Kọ́pọ́réètì Ripọ́tìn, bẹ́ẹ̀ 50 ni wọ́n ń fẹ́. Mo mọ ohun tó fà á. Aago 5 la ń jáde, kíláàsì mi ní Ìbarà sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 4 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Kí n tó dé láti Ọbáńtokò, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa palẹ̀ mọ́.

Mo ti kọ lẹ́tà sí máníjà wa fún ti Nọ̀fẹ́ńbà. Mo yí i sí Yorùbá kí gbogbo wa lè jọ wò ó:

*"Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi kọ̀wé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, kí n máa lọ sílé ní aago 2 lójoojúmọ́ títí ìdánwò mi yóò fi parí. Ìyá mi ti dàgbà, èmi ni àkọ́bí, ojú mi sì ni gbogbo wọn ń wò. Mo ṣèlérí pé màá yege lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ kò sì ní dúró. Olúwa yóò máa bù kún yín."*

Ṣé kí n fi ránṣẹ́ lọ́la?

Bàbá_Ìjẹ̀mọ̀ (9:02 alẹ́)

Má fi ránṣẹ́, ọmọ mi. A kì í ṣàdédé na ìwé sí ọ̀gá lójú. Lọ bá a kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí i dáadáa, sọ pé o ní ọ̀rọ̀ kan tí o fẹ́ bá a sọ, kó fún ẹ láyè ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá tó bá kọ́kọ́ rí ìwé á rò pé o ti ń kó ẹjọ́ jọ.

Òṣìṣẹ́_Òkè_Mọ́sàn (9:15 alẹ́)

Kí lo ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ní ọ́fíìsì tiwa, ìsinmi ìdánwò wà nínú ìwé òfin iṣẹ́, owó oṣù kì í sì í dín. Fi nọ́ńbà òfin òṣìṣẹ́ sínú lẹ́tà yẹn, kí máníjà yín mọ̀ pé o lajú.

Ìyá_Àgbà_Ètò_Òṣìṣẹ́ (9:48 alẹ́)

Òṣìṣẹ́_Òkè_Mọ́sàn, iṣẹ́ ìjọba lẹ̀yin ń ṣe, iṣẹ́ aládàáni ni ọmọ yìí ń ṣe. Ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba kò de máníjà oníọ̀dà. Òfin òṣìṣẹ́ tó wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tí ẹ ní kó kọ nọ́ńbà rẹ̀, kò sọ ohunkóhun nípa ìsinmi ìdánwò. Ohun tí abala 13 sọ ni pé wákàtí iṣẹ́ jẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Abala 18 ló fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọdọọdún, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 lẹ́yìn tó bá ti ṣe oṣù 12. Tó bá kọ nọ́ńbà òfin sínú lẹ́tà, máníjà á gbé e fún lọ́yà, lọ́yà á sì sọ fún un pé kò pọn dandan. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa parí sí.

Ọmọ_Ọbáńtokò, ọdún 14 ni mo fi gba irú lẹ́tà yìí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń kà á. Ìyá rẹ àti àkọ́bí tí o jẹ́, mo kẹ́dùn, àmọ́ kò sí ibi tí mo lè kọ wọ́n sí nínú fáìlì. Ohun mẹ́rin ni mò ń wá: ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ló parí, wákàtí mélòó ni gbogbo rẹ̀, ta ló máa dí àyè rẹ. Ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sí nínú lẹ́tà rẹ. "Títí ìdánwò mi yóò fi parí" kì í ṣe ọjọ́. "Iṣẹ́ kò ní dúró" kì í ṣe ètò.

Yọ ìlérí pé wàá yege náà kúrò. Tí o kò bá yege, lẹ́tà yìí ni wọ́n máa fà yọ nígbà tí o bá tún padà wá tọrọ ní Méè.

Mo sì ní ìbéèrè kan. Aago 4 ni kíláàsì, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kí ló gbé aago 2 wá, lójoojúmọ́?

Nọ́ọ̀sì_Aṣẹ́rò (10:05 alẹ́)

Àbúrò mi, má fiṣẹ́ sílẹ̀ o! Èmi fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà ìdánwò tèmi, oṣù mẹ́jọ ni mo fi wá òmíràn.

Ọmọ_Ọbáńtokò (10:20 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, n kò fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ o, wákàtí díẹ̀ ni mò ń tọrọ. Ẹ ṣeun ṣá.

Màmá, ẹ ti mú mi. Mo rò pé tí n bá tọrọ púpọ̀, wọ́n á já a sí ìwọ̀n tí mo fẹ́, bí ìgbà tí a bá ń nájà ní Kútọ̀. Tí n bá jáde ní aago 3, màá bá kíláàsì. Aago 8 sí 5 la ń ṣiṣẹ́, a ń fi wákàtí kan jẹun, Àbámẹ́ta jẹ́ aago 9 sí 1. Owó oṣù mi jẹ́ ₦132,000. Ọjọ́ ìsinmi mi lọ́dún jẹ́ 12, n kò tíì lo ìkankan lọ́dún yìí.

Akáúǹtì_Pánṣẹ́kẹ́ (Ìṣẹ́gun, 6:31 àárọ̀)

Má nájà pẹ̀lú rẹ̀. Wákàtí 44 lo ń ṣe lọ́sẹ̀. Aago 2 lójoojúmọ́ jẹ́ wákàtí 15, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ rẹ. Ẹni tó bá rí ìyẹn kò ní já a sí nǹkan kan, rárá ló máa sọ. Aago 3 ní ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ wákàtí 6 péré. Tọrọ ohun tí o fẹ́ gan-an.

Àmọ́ kì í ṣe wákàtí ló máa bà á lẹ́rù. Èmi náà ti jókòó sí irú àga yẹn. Oníṣirò owó méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan sì fẹ́ máa jáde ní aago 3. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọkàn máníjà ni ọjọ́ 10 àti ọjọ́ 21. Owó orí tí wọ́n yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Fáàtì, ìyẹn owó orí ọjà, lórí ọ̀dà tí ẹ tà gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ 21 tó kọjá. Bí ọ̀kan bá pẹ́, owó ìtanràn ló ń dé, orúkọ máníjà ni wọ́n sì máa kọ sára ìwé náà, kì í ṣe tìrẹ.

Wá wo kàlẹ́ńdà. Ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìdánwò lo fẹ́, láti 29 Sẹ̀tẹ́ńbà sí 7 Nọ̀fẹ́ńbà. Ọjọ́ 21 Ọ̀kìtóbà bọ́ sí Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kíláàsì. Tí ẹ bá ń san owó oṣù ní ọjọ́ 28, Ìṣẹ́gun náà nìyẹn. Nǹkan méjì tó ń fọkàn ọ̀gá sókè jù bọ́ sí ọjọ́ tí o kò ní sí níbẹ̀ lẹ́yìn aago 3. Tí o kò bá dárúkọ wọn nínú lẹ́tà, òun á dárúkọ wọn fún ẹ.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ọjọ́ 21 kì í ṣe ọjọ́ tí a ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn fún un ni. Kọ ọ́ pé fáàtì Sẹ̀tẹ́ńbà á ti wọlé ní Ọjọ́bọ̀ 16 Ọ̀kìtóbà, kí ìṣirò owó oṣù sì ti wà lórí tábìlì rẹ̀ fún ìbuwọ́lù ní Ẹtì 24. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ìwé ọjà tí àwọn tó ń kó kẹ́míkà wá kì í tètè mú wá. O ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn láti ọjọ́ 3.

Ọmọ_Láfẹ́nwá (7:10 àárọ̀)

Gbogbo ẹ̀yin tó ń ṣírò wákàtí, ta ló máa sanwó rẹ̀? Èmi tọrọ wákàtí mẹ́jọ lọ́sẹ̀ níbi iṣẹ́ mi àtijọ́ nígbà tí mò ń ṣe ìdánwò tèmi, ọ̀gá gbà lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n ti gé owó mi. Mo dákẹ́. Ìdánwò parí, mo padà sí wákàtí mi tẹ́lẹ̀, owó kò padà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bẹ̀ wọ́n. Kò sí ohun tí mo lè fi hàn, torí ẹnu la fi sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá_Ìjẹ̀mọ̀, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ló pa mí lára.

Bàbá_Ìjẹ̀mọ̀ (7:33 àárọ̀)

N kò sọ pé kó má kọ̀wé. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àárọ̀ ọ̀rọ̀, ọ̀sán ìwé, ọjọ́ kan náà.

Ìyá_Àgbà_Ètò_Òṣìṣẹ́ (8:15 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ Ọmọ_Láfẹ́nwá ló yẹ ká gbé yẹ̀ wò, òun ni mo fẹ́ dé tẹ́lẹ̀. Ohun mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀ sí owó. Kí wọ́n gé e, kí wọ́n má gé e, tàbí kí o fi ọjọ́ ìsinmi rẹ san án.

Tí wọ́n bá gé e, wákàtí 6 nínú 44 lára ₦132,000 jẹ́ ₦18,000 lóṣù. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nǹkan bíi ₦27,000. Kò kéré, àmọ́ kò pa èèyàn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí owó oṣù bá ti yí padà nínú ìwé, ó ń nílò ìwé mìíràn kó tó padà, ẹ̀yin náà ti gbọ́.

Ìsinmi ni mo fẹ́ràn jù. Ọjọ́ kíláàsì 18 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn. 1 Ọ̀kìtóbà bọ́ sí Ọjọ́rú, ọjọ́ òmìnira, ilé-iṣẹ́ kò ní ṣí. Ó ku 17. Wákàtí 2 lọ́nà 17 jẹ́ 34. Ọjọ́ iṣẹ́ kan jẹ́ wákàtí 8, torí náà ọjọ́ 4 àti wákàtí 2 nínú ìsinmi rẹ ló máa lọ. Mú ọjọ́ 3 fún ìdánwò gan-an, ọjọ́ 4 àti wákàtí 6 ṣì kù fún ọ. Owó kò yí, ìwé owó oṣù kò yí, máníjà kò fún ẹ ní ohun tí kì í ṣe tìrẹ. Ohun kan ṣoṣo tí o ń tọrọ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí o lo ìsinmi ní wákàtí-wákàtí dípò ọjọ́-ọjọ́.

Ọmọ_Láfẹ́nwá (8:22 àárọ̀)

Màmá, èmi kò fara mọ́ ọn. Ìsinmi ni ìsinmi. Ìwé ẹ̀rí tó bá gbà, ilé-iṣẹ́ ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀. Kí wọ́n fún un ní wákàtí náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Akáúǹtì_Pánṣẹ́kẹ́ (8:40 àárọ̀)

Ó lè tọrọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá wù ú. Àmọ́ ohun ọ̀fẹ́ ní iye tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá fúnni ní wákàtí lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí tó sanwó ìdánwò sábà máa ń ní kéèyàn tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní lọ fún ọdún kan tàbí méjì. Ẹni tó bá fi ìsinmi rẹ̀ san án kò jẹ ẹnì kankan ní gbèsè.

Òṣìṣẹ́_Òkè_Mọ́sàn (9:05 àárọ̀)

Ó dáa, mo gbà pé tìjọba yàtọ̀. Àmọ́ Màmá, abala 18 tí ẹ dárúkọ, ṣé ó tiẹ̀ kan oníṣirò owó? Mo gbọ́ pé òfin yẹn yọ àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ sílẹ̀.

Ìyá_Àgbà_Ètò_Òṣìṣẹ́ (9:30 àárọ̀)

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Abala 91, níbi tó ti sọ ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́, ka iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé mọ́ ọn, ó sì yọ iṣẹ́ àkóso àti iṣẹ́ ìmọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó àmọ́ tí kò tíì gba Áíkàn, apá ibo ló wà? Mo ti rí lọ́yà méjì tó jiyàn lórí ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó fi òfin sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ló kọ ọjọ́ 12, òun ni kó dì mú.

Ọmọ_Ọbáńtokò (Ìṣẹ́gun, 7:50 alẹ́)

Mo ti tún un kọ. Mo máa lọ rí i láàárọ̀ ọ̀la bí Bàbá ṣe wí, màá sì fún un ní ìwé kí n tó kúrò níwájú rẹ̀.

*"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ tọrọ ìyípadà wákàtí iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìdánwò Áíkàn ti Nọ̀fẹ́ńbà, tí ìwé méjì kù fún mi níbẹ̀.*

*Láti Ajé 29 Sẹ̀tẹ́ńbà sí Ẹtì 7 Nọ̀fẹ́ńbà, mo fẹ́ máa jáde ní aago 3 ọ̀sán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ nìkan. Àwọn ọjọ́ tó kù kò yí padà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 34. Mo fẹ́ kí ẹ yọ ọ́ nínú ìsinmi ọdún yìí, tí n kò tíì lò, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ 4 àti wákàtí 2, kí owó oṣù mi má yí padà. Màá tún gba ọjọ́ 3 ìsinmi fún ìdánwò.*

*Owó orí òṣìṣẹ́ ti Sẹ̀tẹ́ńbà yóò wọlé ní 8 Ọ̀kìtóbà. Fáàtì yóò wọlé ní 16 Ọ̀kìtóbà. Ìṣirò owó oṣù Ọ̀kìtóbà yóò wà lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ 24. Láti aago 3 sí 5, igbákejì mi ni yóò máa gba ìwé owó àti ìbéèrè àwọn oníbàárà. Bí ohun pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ẹ lè pè mí.*

*Bí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká jókòó tún un wò. Lẹ́yìn ìdánwò, mo padà sí wákàtí mi tẹ́lẹ̀."*

Akáúǹtì_Pánṣẹ́kẹ́ (8:12 alẹ́)

Ó ti dáa gan-an. Àmọ́ o gbàgbé ọ̀kan. Owó orí ti Ọ̀kìtóbà, ọjọ́ 10 Nọ̀fẹ́ńbà ló máa parí, Ajé sì ni. Lẹ́tà rẹ parí ní ọjọ́ 7, ìdánwò sì ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ọjọ́ Ajé yẹn, ọkàn rẹ ò ní sí lọ́fíìsì. Fi kún un pé ó máa wọlé ní ọjọ́ 5.

Ohun kejì: igbákejì rẹ, ṣé ó ti ṣe ìwé owó orí rí? Má jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe é ní ọjọ́ tí o kò sí. Kó ṣe ti owó oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà lójú rẹ, kí o má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ibi tó bá ti dúró pè ọ́, kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ló máa ti pè ọ́ nígbà tí o bá wà ní kíláàsì.

Nọ́ọ̀sì_Aṣẹ́rò (8:30 alẹ́)

Ó ti yé mi báyìí. Àbúrò, ṣé igbákejì ẹ gbọ́ sí i? Nílé ìwòsàn, ẹni tí a bá ju iṣẹ́ sí lọ́rùn láìsọ fún un ló máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ọmọ_Ọbáńtokò (8:41 alẹ́)

Yéè. N kò tíì sọ fún un. Mò ń pè é báyìí.

Ọmọ_Ọbáńtokò (Ẹtì, 6:15 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti dáhùn. Igbákejì mi gbà, ó ní kí èmi náà di àyè òun mú tí òun bá ń ṣègbéyàwó ní Disẹ́ńbà. Ọ̀gá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ 16 fún fáàtì ló tẹnu mọ́, ó ní kí n ṣe é ní ọjọ́ 15. Ó gba Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni àwọn oníbàárà Ṣàgámù máa ń wá ṣe ìṣirò, kí n dúró títí di aago 4 lọ́jọ́ yẹn. Ìsinmi ni wọ́n máa yọ, wọn ò ní gé owó.

Ìyá_Àgbà_Ètò_Òṣìṣẹ́ (6:40 alẹ́)

Ìṣẹ́gun mẹ́fà, Ọjọ́rú márùn-ún, wákàtí 22. Ọjọ́bọ̀ mẹ́fà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, 6. Gbogbo rẹ̀ wá di 28, ọjọ́ 3 àti wákàtí 4. Ṣé ó kọ ọ́ sílẹ̀?

Ọmọ_Ọbáńtokò (6:44 alẹ́)

Ẹnu ló fi sọ ọ́, Màmá.

Ọmọ_Láfẹ́nwá (6:45 alẹ́)

Mo ti sọ bẹ́ẹ̀!

Ìyá_Àgbà_Ètò_Òṣìṣẹ́ (6:58 alẹ́)

Ìwọ ni kí o kọ ọ́ fún un, lálẹ́ yìí, sínú ímeèlì. Má sọ pé kó fọwọ́ sí i. Kọ ọ́ bí ẹni ń dúpẹ́: "Ọ̀gá, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ òní. Bí mo ṣe gbọ́ ọ rèé: Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ní aago 3, Ọjọ́bọ̀ ní aago 4, láti 29 Sẹ̀tẹ́ńbà sí 7 Nọ̀fẹ́ńbà, wákàtí 28 nínú ìsinmi mi, owó oṣù kò yí. Fáàtì yóò wọlé ní ọjọ́ 15. Bí mo bá ṣi ibì kan gbọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tọ́ mi sọ́nà."

Bàbá_Ìjẹ̀mọ̀ (7:10 alẹ́)

Ti Ọjọ́bọ̀ yẹn ńkọ́? Kíláàsì á ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ọbáńtokò (7:52 alẹ́)

Mo ti fi ímeèlì náà ránṣẹ́, Màmá. Ó ti kà á, kò tíì fèsì. Bàbá, fún Ọjọ́bọ̀, ẹnì kan ní kíláàsì máa ń fi fóònù gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní ₦500 lọ́sẹ̀, mo ní 300, a ò tíì parí ẹ̀.